Ẹṣin Sòbìà: Bí a ṣe ń sọ ìtàn omi sísẹ́ fún àwọn ọmọdé

Ìtàn tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọdé nígbà tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera tí abúlé yàn ní agbègbè Ìbàràpá, ní àwọn ọdún tí sòbìà, aràn gígùn tí ń yọ lára ènìyàn, ṣì ń dá àgbẹ̀ gúnlẹ̀ sílé ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Ìdèrè, ní agbègbè wa kan náà, àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn náà ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ará abúlé ní bí wọn yóò ṣe máa ṣọ́ omi mímu wọn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà mú ní gbogbo Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún yẹn, iye wọn lé ní 650,000. Ẹni ìkẹyìn tí ó mú ní orílẹ̀-èdè yìí, ọdún 2008 ni, ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kò tíì tán láyé. Ènìyàn 15 ni ó mú ní ọdún 2024, ní Ṣáàdì àti Gúúsù Sùdáànù, ó sì ń mú ajá ní Ṣáàdì àti Kamẹrúùnù, orílẹ̀-èdè méjèèjì tí ó bá wa pààlà. Ẹni tí yóò bá ọmọdé jókòó nípa rẹ̀ ni mo ń kọ̀wé sí: bí a ṣe ń múra, bí a ṣe ń sọ ọ́, àti ibi tí ọmọdé ti máa ń kọsẹ̀.

Ohun tí ẹ óò kó jọ

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà lọ́wọ́ òfo. Ẹ wá ìgò kan tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta, ìkòkò tàbí korobá tí ó mọ́, igbá tí a fi ń bu omi, okùn, àti aṣọ asẹ́. Aṣọ tí ó dára jù ni aṣọ náílọ́ọ̀nù tí a hun fún omi sísẹ́, nítorí pé ojú rẹ̀ dọ́gba, kì í sì í fẹ̀ bí ó bá tutù. Ojú ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Bí kò bá sí irú rẹ̀, aṣọ òwú tí a hun pọ̀ dáadáa lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ yóò tètè dí i, omi yóò sì máa kán tótó débi pé ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ yóò yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ìkòkò. Ajọ̀ gàrí kò wúlò rárá fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà fúnra wọn fi ojú wo ihò ajọ̀ àti ihò aṣọ náà sí oòrùn kí ẹ tó sọ̀rọ̀ kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bu omi láti inú ọ̀gọ̀dọ̀, ní etí rẹ̀ níbi tí ewé ti rà, kí ẹ sì dà á sínú ìgò náà. Ẹ gbé e sí oòrùn, kí ẹ dúró títí ẹrẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ẹ óò rí àwọn ohun funfun tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń fò sókè sódò nínú omi, tí wọ́n ń sún díẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí ń tọ. Kòkòrò inú omi ni wọ́n. Èyí tí ó dàgbà nínú wọn gùn tó nǹkan bí mìlímítà kan. Wọ́n wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi adágún ní ibi gbogbo, wọn kì í sì í ṣe ènìyàn ní jàǹbá kankan níbi tí kò bá sí sòbìà. Nítorí ìdí èyí ni a ṣe lè fi wọ́n kọ́ ọmọdé lónìí ní ìlú tí àrùn náà ti tán.

Ẹ gbé ìgò náà kọjá lọ́dọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò bá tíì rí kòkòrò náà, ẹ má ṣe kọjá rẹ̀, nítorí pé gbogbo ìtàn náà wà lórí ẹ̀yìn kòkòrò yìí.

Ìtàn náà gan-an

Báyìí ni mo ṣe máa ń sọ ọ́.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Àdùkẹ́, àti àlejò kan tí kò ní ẹsẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, nígbà tí odò ti gbẹ tí ó ku ọ̀gọ̀dọ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn oko, ìléròrò yọ lẹ́sẹ̀ bàbá Àdùkẹ́. Ó ń jó o bí iná. Kí ni ẹ̀yin yóò ṣe bí iná bá ń jó yín lẹ́sẹ̀?"

"A óò ki ẹsẹ̀ bọ omi!"

"Ohun tí bàbá Àdùkẹ́ ṣe nìyẹn. Ó wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀ náà, ara rẹ̀ sì tù ú. Kò mọ̀ pé ìyá sòbìà, tí ó gùn tó mítà kan, tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ni ó dá iná náà sí i lẹ́sẹ̀ kí ó lè gbé e dé inú omi. Bí ẹsẹ̀ ti kan omi ni ìléròrò bẹ́, tí ìyá sòbìà yọ orí jáde, tí ó sì da àwọn ọmọ rẹ̀ sínú omi bí omi ọṣẹ funfun. Wọ́n pọ̀ ju iye tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò ní ẹsẹ̀, wọn kò sì lè dá rìn dé inú ara ẹnikẹ́ni. Bí ọjọ́ díẹ̀ bá kọjá tí wọn kò rí ẹṣin gùn, wọn yóò kú sínú omi níbẹ̀. Níbo ni ẹṣin wọn wà?"

Níbi yìí, mo máa ń gbé ìgò náà sókè, n kò sì ní í sọ̀rọ̀. Ọmọ kan yóò rí i. "Kòkòrò inú ìgò yẹn ni!"

"Òun ni. Kòkòrò náà ń wá oúnjẹ kiri, ó sì gbé ọmọ sòbìà mì. Ó rò pé òun ti jẹun. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ti gun òun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ sòbìà fi gbé inú rẹ̀ kí ó tó gbọ́n, kí ó tó lágbára láti bọ́ sílẹ̀ ní ilé onílé. Ní ọjọ́ kan, Àdùkẹ́ ń bọ̀ láti oko, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó fi ọwọ́ bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ náà, ó mu ún. Ní ilé, ìyá àgbà wọn bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ kan náà, ó ta aṣọ bo ẹnu àmù, ó sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì, ó sì fún Àjàní, àbúrò Àdùkẹ́, mu. Omi kan náà ni àwọn méjèèjì mu ní ọjọ́ kan náà. Ẹṣin wọlé sínú Àdùkẹ́, ó kú sínú ikùn rẹ̀, ẹni tí ó gùn ún sì bọ́ sílẹ̀, ó dá ikùn lu, ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ nínú ara. Ti Àjàní ńkọ́?"

"Ẹṣin wà lórí aṣọ!"

"Ó wà lórí aṣọ. Àdùkẹ́ ṣeré títí, ó jẹun, ó lọ sí ilé-ìwé, òjò dé, iṣu tuntun dé, ohunkóhun kò ṣe é. Ọdún yípo. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀ lé e, ìléròrò yọ lẹ́sẹ̀ Àdùkẹ́, ó sì ń jó o bí iná. Ẹ̀yin ọmọ, ibo ni Àdùkẹ́ ń sáré lọ báyìí?"

Mo máa ń dá ìtàn náà dúró síbẹ̀. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ni yóò kígbe pé kí ẹ mú Àdùkẹ́, kí ó má ṣe wọ inú omi, nítorí wọ́n ti rí i pé ọ̀nà náà ti yípo padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń pe kòkòrò náà ní ẹṣin

Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé aṣọ náà ń mú sòbìà. Ó dùn ún gbọ́, ó sì kúrú, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ sòbìà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú omi tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè gba ojú aṣọ kọjá. Ohun tí ó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé èyí tí kò tíì gbé inú kòkòrò náà tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kò lè ṣe ohunkóhun fún ẹni tí ó bá mu ún. Ẹṣin ni ó tóbi, ẹṣin ni aṣọ ń mú. Ọmọ kan bi mí léèrè ní ọjọ́ kan pé, "Ìyá, bí ọmọ sòbìà bá dá nìkan kọjá ńkọ́?" Mo dá a lóhùn pé yóò kú nínú ikùn rẹ bí oúnjẹ, nítorí pé kò tíì gbọ́n. Ìbéèrè náà mú inú mi dùn ju pé kí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ lọ.

Ògì sì ni àfiwé tí ó yé wọn jù, nítorí pé kò sí ọmọ abúlé tí kò tíì di aṣọ mú fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ó ń sẹ́ ògì. Èèrí ni ó ń kù sórí asẹ́, tí ògì ń kọjá lọ. Kòkòrò omi dà bí èèrí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ apá kejì àfiwé náà pẹ̀lú: ohun tí ó bá kéré ju ojú aṣọ lọ yóò kọjá bí ògì ti ń kọjá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru wà lára wọn. Omi tí a sẹ́ kò lè fa sòbìà, ṣùgbọ́n kò di omi mímọ́ fún ìdí yẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn àrùn yòókù gbọ́dọ̀ tún sè é. Bí ẹ kò bá sọ èyí, ní ọjọ́ tí inú bá run ọmọ kan, ilé rẹ̀ yóò sọ pé irọ́ ni aṣọ ń pa, wọn yóò sì fi nu tábìlì.

Jẹ́ kí ọwọ́ wọn ṣe é

Lẹ́yìn ìtàn, ẹ pe ọmọ méjì síwájú. Kí èkíní na aṣọ náà sí oòrùn, kí ó wò ó láti etí dé etí bóyá ó ya tàbí ó lu. Ihò kan ṣoṣo tí ìka ọmọdé lè wọ̀ ti tó fún ọgọ́rùn-ún ẹṣin láti kọjá, nítorí náà aṣọ tí ó bá lu, a kì í lẹ̀ ẹ́ pọ̀, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni. Kí ó ta á bo ẹnu ìkòkò tí ó mọ́, kí àárín rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bí abọ́, kí èkejì sì fi okùn dè é yíká kí ó le. Bí okùn bá rọ̀, omi yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé láìgba ojú aṣọ, kò sì ní í hàn sí ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n máa da omi náà díẹ̀díẹ̀ sí àárín. Nígbà tí ó bá ti wọlé tán, ẹ tú aṣọ náà láìjẹ́ kí ohun tí ó wà lórí rẹ̀ bọ́ sínú ìkòkò, kí ẹ gbé e lọ sí orí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó jìnnà sí ọ̀gọ̀dọ̀, kí ẹ yí i padà, kí ẹ sì fi omi tí a ti sẹ́ ṣàn án. Àwọn kòkòrò náà yóò kú sórí ilẹ̀. A kì í fọ aṣọ asẹ́ sínú ọ̀gọ̀dọ̀. Ńṣe ni ẹni bẹ́ẹ̀ ń dá ẹṣin padà sí ibùjẹ rẹ̀.

Àṣìṣe tí mo rí jù kò ju ti ìhà aṣọ lọ. Ìyá kan sẹ́ omi lówùúrọ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sórí ọdẹ̀dẹ̀, nígbà tí ó di ọ̀sán ọmọ rẹ̀ ta á bo ìkòkò lódìkejì. Ohun tí ó kù sí òkè ní àárọ̀ ti wà nísàlẹ̀ báyìí, omi sì gbá a wọ inú ìkòkò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi òwú pupa rán àmì sí igun aṣọ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ pé òwú pupa gbọ́dọ̀ máa wo ojú ọ̀run.

Ẹ bu omi tí a sẹ́ náà sínú ìgò mìíràn, kí ẹ gbé ìgò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú oòrùn. Èyí ni ẹ̀rí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí ohunkóhun bá ṣì ń fò nínú ìgò kejì, ẹ wá ihò tàbí okùn tí ó rọ̀, kí ẹ sì tún un sẹ́ níṣojú wọn.

Ti oko ni ó ṣòro. Àdùkẹ́ inú ìtàn kò mu omi búburú ní ilé, ní ojú ọ̀nà oko ni ó ti mu ún, bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń rí lóòótọ́. Ọmọ tí ń bá bàbá rẹ̀ lọ sóko gbọ́dọ̀ gbé omi sísẹ́ dání nínú kèǹgbè tàbí kẹ́ẹ̀gì. A tún ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ta aṣọ asẹ́ sí ẹnu rẹ̀, tí a fi okùn so kọ́ ọrùn, tí ènìyàn lè fi fa omi mu ní tààrà. Àwọn darandaran ní àwọn orílẹ̀-èdè tí sòbìà kù sí ń lò ó gan-an.

Okùn oníkókó

Ìyá àgbà kan ni ó kọ́ mi pé ìtàn mi kò tíì pé. Ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi ní Oṣù Kọkànlá, wọn kò sì fi ọjọ́ kan fo ó. Ní Oṣù Kìn-ín-ní, sòbìà yọ lẹ́sẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó ké sí mi, ó ní, "Ẹ wá gbé aṣọ yín." Ó ní àwọn bàbá òun ti sọ tipẹ́ pé inú ara ni sòbìà wà, pé gbogbo ènìyàn ni a bí i mọ́, pé kò sí ohun tí omi mú bọ̀ nínú rẹ̀. N kò bá a jiyàn. Mo jókòó ti ọmọ náà, a jọ fi ìka ka oṣù padà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí ènìyàn bá mu ún títí di ọjọ́ tí ìléròrò bá yọ máa ń tó oṣù mẹ́wàá sí oṣù mẹ́rìnlá. Oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn láti Oṣù Kìn-ín-ní jẹ́ Oṣù Kẹta tí ó kọjá. Oṣù mẹ́rìnlá sì bọ́ sí Oṣù Kọkànlá ti ọdún tí ó ṣáájú. Láàárín méjèèjì ni ó ti mu ún, ó sì jọ pé àárín ẹ̀ẹ̀rùn náà ni, nígbà tí ọ̀gọ̀dọ̀ ti fẹ́ gbẹ tán. Aṣọ kò tíì wọ ilé wọn nígbà yẹn. Ìyá àgbà náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn èṣí nìyẹn." Ó mú aṣọ náà padà.

Òwe wa kan tún máa ń dá kún ọ̀rọ̀ yìí, pé kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Àwọn ọmọ máa ń fi í bi mí pé kí ni a tún ń sẹ́ omi sí nígbà tí ewé olúgànbe wà. Mo máa ń sọ fún wọn pé egbò ni òwe náà dárúkọ, kò sọ pé olúgànbe ń pa ohun tí ó wà nínú ara. Títí di òní, kò sí oògùn tí ń pa sòbìà nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dí i lọ́nà. Bí ó bá ti yọ orí, a máa ń wé e mọ́ igi kékeré díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, bí ó bá sì já, egbò náà lè wú kí ó sì di ọyún. Ẹni tí èyí bá ń ṣe kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan omi tí àwọn ènìyàn ń mu títí yóò fi jáde tán.

Láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yẹn ni mo ti ń fi okùn parí ìtàn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ta kókó mẹ́rìnlá sórí okùn kan, yóò gbé e kọ́ sí òkè àmù ilé wọn ní ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi, yóò sì máa tú kókó kan ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Sòbìà tí ó bá yọ nígbà tí kókó ṣì kù lórí okùn, ó ṣì lè jẹ́ ti omi àtijọ́. Bí ó bá yọ lẹ́yìn tí kókó ti tán, omi kan wà tí ẹnì kan mu láìsẹ́, ọmọ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ẹni náà pé níbo ni, àti ní oṣù wo. Nígbà púpọ̀, oko ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń jẹ́.